Ìtàn kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ

“Nínú àròkọ nípa ara mi tí mo fi ń wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́, mo kọ ọ́ pé onísùúrù àti òṣìṣẹ́ kára ni mí, àmọ́ ọ̀gá mi ní òun ò rí mi nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ yọ àpọ́nlé yẹn kúrò, kí ẹ fi ọjọ́ kan tí iṣẹ́ dojú rú rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan tí mo bá tún tirẹ̀ kọ pa “onísùúrù ni mí” rẹ́, ó wá kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn omi kànga kan náà, iye rẹ̀ ò bára mu. Ìdọ̀tí ló bo ojú ẹ̀rọ. Mo fọ̀ ọ́, mo sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.”

Ìbéèrè tí ọjọ́ náà fi sí i lọ́kàn ló gbé e dé ẹ̀kọ́ tó ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ lo àyè jù.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá to ìbéèrè sílẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn.