Báńkì ní 150,000, ìwé ní 3,400,000

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan nílé, ọjà la ń rà tá a ń tà, àbúrò mi ló ń bá mi bójú tó o. Mo fi 1,000,000 ránṣẹ́ sí i lọ́dún yìí. Bálánsì ṣíìtì tí akáńtáǹtì fi ránṣẹ́ ní owó mi tó wà níbẹ̀ jẹ́ 3,400,000, àmọ́ 150,000 péré ló wà ní báńkì. Ṣé wọ́n ti jẹ owó mi ni? Mo fi fọ́tò ìwé náà síbí."

Ẹ má tíì bá àbúrò yín jà o. 3,400,000 yẹn kì í ṣe owó tí ẹnì kan kó pa mọ́ síbì kan, ohun tó máa ṣẹ́ kù fún yín ni tá a bá ka gbogbo nǹkan tí ilé-iṣẹ́ ní, tá a sì yọ gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ kúrò. Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa. Ọjà inú sítọ́ọ̀ jẹ́ 3,100,000, àwọn oníbàárà tó ra àwìn jẹ yín ní 950,000, mọ́tò tẹ́ ẹ fi ń kó ọjà ku 1,000,000 lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti gbígbó rẹ̀, 150,000 báńkì ló wá kẹ́yìn, àròpọ̀ rẹ̀ 5,200,000. Ìyẹn ni dúkìá. Gbèsè ńkọ́? Ẹ jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún yín ní 1,300,000, báńkì ṣì ń bèèrè 500,000 lórí ẹ̀yáwó wọn, ó di 1,800,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5,200,000, ẹ ó bá 3,400,000. Owó yín ti di ọjà, ibẹ̀ ló wà.

Àmọ́ o, pé apá méjèèjì ìwé náà, dúkìá lápá kan, gbèsè àti owó onílé-iṣẹ́ lápá kejì, dọ́gba ò sọ pé ìwé náà jóòótọ́, torí owó onílé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó bá kù, kò sí bí ò ṣe ní dọ́gba. Èyí tí mo máa ń yẹ̀ wò ni bí owó onílé-iṣẹ́ ṣe rìn láti ọdún tó kọjá. Ìwé yín ní 2,000,000 lẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi 1,000,000 kún un, èrè ọdún jẹ́ 700,000, wọ́n yọ 300,000 san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yín (ìyẹn kì í ṣe ìnáwó ilé-iṣẹ́, owó yín lẹ mú jáde), ó bọ́ sí 3,400,000 géérégé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń wo ìyẹn ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Akáńtáǹtì tí mo lò nígbà yẹn kó owó tí mo fi ránṣẹ́ mọ́ owó ọjà tá a tà. Tó bá jẹ́ tiyín ni, èrè ì bá di 1,700,000, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé ò sì ní yí padà rárá, 3,400,000 náà ni, ẹ ò ní mọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá bu owó orí lé èrè tí ò sí. Ẹlòmíì á tún kọ ọ́ sábẹ́ gbèsè, bíi pé ẹ̀yin lẹ yá ilé-iṣẹ́ lówó, gbèsè á di 2,800,000, owó onílé-iṣẹ́ á já sí 2,400,000. Ìyẹn ò burú tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kí wọ́n dá a padà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ń fu mí lára nínú ìwé yín ni ọjà 3,100,000 yẹn. Ta ló kà á? Ká ní wọ́n wọ sítọ́ọ̀ tí wọ́n wá rí i pé 400,000 nínú ẹ̀ ti bàjẹ́, dúkìá já sí 4,800,000, àmọ́ àwọn tó kó ọjà fún yín ò ní gé kọ́bọ̀ kúrò nínú owó wọn, báńkì náà ò ní dá yín lóhùn, 1,800,000 ṣì dúró gbọn-in. Orí owó tiyín ni gbogbo 400,000 náà máa balẹ̀ sí, ó di 3,000,000. Bí oníbàárà kan tó jẹ 250,000 bá tún sá lọ, 2,750,000 ló kù yẹn.

Torí náà, ẹ ní kí àbúrò yín fi ìwé tí wọ́n fi ka ọjà ránṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kà á gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, àti orúkọ àwọn tó jẹ yín pẹ̀lú ìgbà tí kálukú ti jẹ ẹ́. Ẹni tí àwìn rẹ̀ bá ti lé lọ́dún kan, ẹ má kà á mọ́ dúkìá títí ó fi sanwó.