Lílúwẹ̀ẹ́ tààrà nínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: Púùlù nìkan ni mo ti ń múra fún ìdíje ìwẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá. Nígbà tí mo wọ ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, apá òsì ni mo kàn ń yà sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ilà dúdú ìsàlẹ̀ púùlù ló ti ń tọ́ ẹ sọ́nà, ọ̀sà ò ní in. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá máa wo iwájú, àmọ́ ojú nìkan ni kó yọ, bíi ti ọ̀nì. Bí gbogbo orí bá yọ, ìbàdí á rì, wàá wá dà bí ẹni tó ń wọ́ àpò gaàrí lẹ́yìn.

Bí ọwọ́ iwájú bá ti ń tẹ omi sílẹ̀, gbé ojú sókè, wò fìrí, kó o wá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí. Má mí síwájú o. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín ìjù apá 6 sí 10. Tí ìgbì bá bo ojú ẹ, má dúró wò. Tún un ṣe nígbà tó o bá tún ju apá.

Àmì tó léfòó tó ń fi ọ̀nà ìdíje hàn nínú omi kéré, ìgbì á máa bò ó. Torí náà, kó o tó wọ omi, wá ohun gíga lẹ́yìn ẹ̀, bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí igi àgbọn, kó o máa wo ìyẹn.

Ti yíyà sósì yẹn, dán an wò ní púùlù tó ṣófo: di ojú, ju apá 10. Tó o bá ṣì yà, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ọ̀tún ẹ máa ré kọjá iwájú orí. Jẹ́ kó wọ omi ní ọ̀kánkán èjìká. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ọ̀sà, jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ máa tẹ̀ lé ẹ.