Ibi tí máàkì wà nínú ìbéèrè lórí owó àti ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Wọ́n ní ká ṣàlàyé bí báńkì àpapọ̀ ṣe ń tú owó sílẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́fà, 9 ni wọ́n fún mi nínú 25. Kí ni àwọn lẹ́kíṣọ́rà ń wá gan-an?"

Àbúrò, 8 ni èmi gbà nígbà tèmi, ojú ìwé méje ni mo sì kọ. Mo tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Nígbà tí mo lọ bá lẹ́kíṣọ́rà wa ní ọ́fíìsì rẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta, ó ṣí ìwé tó fi ń pín máàkì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdáhùn mi. Bí tirẹ̀ ṣe rí ni èmi náà fi ń máàkì lónìí.

Ìtumọ̀ gba 2. Irinṣẹ́ mẹ́ta, ìyẹn èlé ìpìlẹ̀, owó ìfipamọ́ dandan àti bọ́ǹdì ìjọba tí báńkì àpapọ̀ ń rà, gba 6. Àpẹẹrẹ gidi gba 2, ohun tó lè dí ètò náà lọ́wọ́ gba 5. Gbogbo 10 tó kù wà lórí ọ̀nà tí owó ń gbà láti báńkì àpapọ̀ títí dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Irinṣẹ́ ni mo fi ojú ìwé mẹ́rin ṣàlàyé. Ká ní mo kọ ogún ojú ìwé lórí rẹ̀, kò lè ju 6 náà lọ. (Mo tún kọ owó orí àti títì ṣíṣe mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ti báńkì àpapọ̀, kò gba nǹkan kan.)

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà yẹn, 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1 bí o bá dárúkọ rẹ̀, 1 bí o bá sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí èmi kọ ni pé, "Báńkì àpapọ̀ yóò dín èlé kù, iṣẹ́ yóò sì pọ̀ sí i." Lẹ́kíṣọ́rà fi bírò pupa fa ìlà sáàárín méjèèjì, ó kọ "Báwo?" sórí rẹ̀. 2 péré ni mo rí níbẹ̀.

Wo bó ṣe yẹ kó rí. Ká ní owó tí àwọn ènìyàn fi sí báńkì jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà, òfin sì ní kí wọ́n fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ sọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀. Bí báńkì àpapọ̀ bá sọ ọ́ di 20, mílíọ̀nù 5 bọ́ sílẹ̀ fún yíyá. Owó tó jókòó kì í pa èrè, nítorí náà báńkì dín èlé kù kí oníbàárà lè wá. Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, tí èlé ìbá ti jẹ èrè rẹ̀ tán tẹ́lẹ̀, rí i pé nǹkan yóò ṣẹ́kù báyìí, ó yáwó, ó ra aṣọ funfun àti aró. Owó tó ná di owó tó wọlé fún aláró àti aláṣọ, àwọn náà sì ná nínú rẹ̀, ìnáwó gbogbo ìlú wá ròkè. Nítorí pé ọjà ń tà, ọwọ́ ìyá yìí kò ká iṣẹ́ mọ́, ó gba ènìyàn méjì sí i. 10 rẹ pé.

Bí o bá fẹ́ fi ìṣirò sí i, `1/r` ni ìlọ́po tí owó tó bọ́ sílẹ̀ lè fi pọ̀ sí i, r sì ni ìpín owó ìfipamọ́ dandan. Bí r bá jẹ́ 0.25, ó jẹ́ 4, bí ó bá jẹ́ 0.20, ó di 5, nítorí náà mílíọ̀nù 5 yẹn lè bí mílíọ̀nù 25. "Lè" ni kó o kọ, má kọ "yóò", torí ìṣirò náà gbà pé báńkì yá gbogbo owó náà jáde, pé ẹnikẹ́ni kò sì kó owó pamọ́ sílé. Ibẹ̀ gan-an ni 5 ti ohun tó ń dí ètò lọ́wọ́ wà. Nígbà tí nǹkan bá le, ẹ̀rù ń ba báńkì pé ẹni tó yáwó kò ní lè san án. Ìyá aládìrẹ tí kò rí oníbàárà kò sì ní yáwó, bí èlé tilẹ̀ wálẹ̀. Owó á kàn jókòó ni.

Àpẹẹrẹ ló ń dùn mí jù nígbà tí mo bá ń máàkì. Ọ̀pọ̀ ń kọ 2016. Òótọ́ ni pé ní oṣù kọkànlá 2015 báńkì àpapọ̀ mú èlé ìpìlẹ̀ wá láti 13 sí 11, ó sì mú owó ìfipamọ́ láti 25 sí 20. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2016 gan-an, ó gbé èlé sókè ni, sí 12 ní oṣù kẹta, sí 14 ní oṣù keje, nítorí pé ọ̀wọ́n ọjà ti kọjá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, náírà sì ń wálẹ̀. 2020 ni kó o lò: 13.5 di 12.5 ní oṣù karùn-ún, ó tún di 11.5 ní oṣù kẹsàn-án. Bí o bá fẹ́ 2016 dandan, fi í sábẹ́ ohun tó ń dí ètò lọ́wọ́, kó o sọ pé ọ̀wọ́n ọjà ni kò jẹ́ kí báńkì àpapọ̀ lè tú owó sílẹ̀. Mo máa ń fún un ní máàkì níbẹ̀.

Mú ìwé ìdáhùn rẹ, kó o ka iye "nítorí pé" tó wà láàárín èlé tó wálẹ̀ àti iṣẹ́ tó pọ̀ sí i. Nínú tèmi, n kò rí ẹyọ kan.