Ẹni tó ni nǹkan ni kó o wá, má wá s

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tíṣà wa ní tá a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ni nǹkan, kí àpọ́sítírọ́fì wà ṣáájú s, tí wọ́n bá pọ̀, kó wà lẹ́yìn s. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa yẹ ìwé tí mo kọ wò?”

Àbúrò mi, òfin yẹn máa ń bí mi nínú, torí òun ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kọ `childrens'`. Kọ orúkọ ẹni tó ni nǹkan tán pátápátá ná, bó ṣe máa rí tó bá dá dúró, kó o tó fọwọ́ kan àpọ́sítírọ́fì. Tí wọ́n bá pọ̀ tí s sì ti wà ní ìparí, àpọ́sítírọ́fì nìkan ló kù. Tí kò bá sí s níbẹ̀, fi `'s` sí i. `Children` ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní s, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ `children's`.

Èdè tiwa gan-an ló máa tú u fún ẹ. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan ló ń ṣáájú, ẹni tó ni ín á tẹ̀ lé e, “ilé Adé”, tí wọ́n bá sì pọ̀, “àwọn” á yọjú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kọ èyí ránṣẹ́ sí mi:

```
The teacher's met in the boy's hostel.
```

Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní “àwọn tíṣà ṣèpàdé ní họ́sítẹ̀lì àwọn ọmọkùnrin”. Kí ni àwọn tíṣà ní níbẹ̀? Kò sí, wọ́n kàn pọ̀ ni, torí náà `teachers` lásán. Họ́sítẹ̀lì ńkọ́? Ó ní àwọn tó ni ín, “àwọn” sì wà níbẹ̀, torí náà `boys` ná, lẹ́yìn náà `boys'`. Ohun kan náà ló ba káàdì ìgbéyàwó jẹ́, tí wọ́n ń kọ `The Adeyemi's` nígbà tí ìdílé náà kò ní nǹkan kan lórí ìlà yẹn, `The Adeyemis` ló yẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò rí `l'ọ́jà` mọ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé Yorùbá àtijọ́ nìyẹn, àmì náà ń fi hàn pé a ti gbé fáwẹ̀lì kan mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni `king's`, `kinges` ni wọ́n ń kọ láyé àtijọ́, e ni wọ́n gbé mì.

Tó o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tẹ Ctrl+F, kó o wá `'`, dúró lórí ìkọ̀ọ̀kan, yí i sí Yorùbá. Àmọ́ ìyẹn ò lè rí èyí tó o gbàgbé láti fi sí i, torí náà wá s tí àlàfo tẹ̀ lé lẹ́ẹ̀kan sí i. Á gbé ọ̀pọ̀ jáde, fara balẹ̀, ibi tí orúkọ nǹkan bá ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ní s ni kó o ti dúró. `Its`, `hers` àti `theirs` kì í gba àmì yẹn rárá o. Gbogbo `it's` tó o bá rí, kà á bíi `it is` tàbí `it has`, tí kò bá lọ, yọ àmì náà kúrò.