Ta ló kú nínú skrínṣọ́ọ̀tì yìí?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Ọmọ mi obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ya skrínṣọ́ọ̀tì wọ́sáàpù òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sínú grúùpù ẹbí wa, màmá mi wá ní kí n bá àwọn tú u sí Yorùbá. Mo tú u bó ṣe wà, ni wọ́n bá figbe ta pé ta ló kú. Báwo ni kí n ṣe tú u tó fi máa dún bí àwọn ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi bẹ màmá. Kẹ́ ẹ tó débi ẹmójì rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lórí wọ́sáàpù, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù ló máa ń wà lápá ọ̀tún, ti ẹnìkejì á wà lápá òsì, torí náà ọmọ yín ló wà lọ́tùn-ún, òun ni mo pè ní A. Ẹ wá kọ gbogbo ẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, ẹ má bá wọn tún sípẹ́lì ṣe, ẹ má yọ àmì kankan.

```
A: he aired me again
B: im dead 💀😭😭
A: allow it man
B: told u tho
A: ok.
```

Ìlà kejì ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ẹ kọ "mo ti kú", ẹ tún wá fi agbárí tì í lẹ́yìn, màmá wo ló máa rí ìyẹn tí ò ní pariwo? Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu àwa náà tipẹ́, ṣebí a máa ń sọ pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, ohun tí ọmọ yẹn ń sọ náà nìyẹn. Agbárí yẹn, ẹ̀rín ló pa á, ojú tó ń da omi yẹn sì rèé, ẹ̀rín àrínsunkún ni lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìwòyí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ṣá o. Tẹ́nì kan bá kọ ọ́ pé bàbá òun wà ní ọsibítù tó fi 😭 sí i, ẹkún gidi nìyẹn. Èsì tó bá tẹ̀ lé e lẹ máa fi mọ̀, tí ẹnìkejì bá ní pẹ̀lẹ́, ẹkún ni, tóun náà bá ń dápàárá, ẹ̀rín ni.

"he aired me" ò kan afẹ́fẹ́ rárá, sláàngì Lọ́ńdọ̀nù ni, ó túmọ̀ sí pé mo tẹ mẹ́sééjì sí i, ó ṣe bí ẹni tí ò rí mi. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ o. "Ó" tiwa ò sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá kọ "ó" lásán, màmá ò ní mọ̀ pé ọmọkùnrin ni wọ́n ń sọ. Ẹ kọ "bọ̀bọ́ yẹn".

"allow it" ni mo ti gbé rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí mo tú u sí "gbà á láàyè", ni ìyá kan bá rò pé ọmọ òun ti gbà fún ọkùnrin kan, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ ni fi mí sílẹ̀, ó tó. "man" tó wà níparí ẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin kankan, "jàre" wa ló bá a mu jù.

Ẹ wá wo "ok." yẹn dáadáa. Nínú gbogbo ìlà márùn-ún, ibẹ̀ nìkan ni fúlúsítọ́ọ̀pù wà. Àwọn ọmọ yìí kì í fi í síbẹ̀ lásán, tó bá ti wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kúkúrú báyẹn, inú ti bí ẹni yẹn. "Ó dáa" ò lè gbé e, ó ti dùn jù.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún màmá nìyí:

A: Bọ̀bọ́ yẹn tún ti rí mẹ́sééjì mi, kò dá mi lóhùn.
B: Yéèè, ẹ̀rín pa mí oooo.
A: Fi mí sílẹ̀ jàre.
B: Mo ṣáà sọ fún ẹ.
A: Mo ti gbọ́.

Mo yọ ẹmójì torí "yéèè" àti "oooo" ti ṣiṣẹ́ ẹ̀. "Fún ẹ" ni mo sì lò, torí ọ̀rẹ́ ni wọ́n, tó bá jẹ́ àǹtí ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, "fún yín" ni.

Tó bá jẹ́ pé fún físà Ìlú Ọba lẹ ń tú chat sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má yọ ẹmójì o. Ẹ fi í sílẹ̀ sáyè ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ nínú àkámọ́ onígun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí tẹ́nì kan bá kọ "màá pa ẹ́ lónìí 😂" sí ìyàwó ẹ̀, ẹni tó ń ka fáìlì ò mọ̀ pé eré ni. Àwọn yẹn tún fẹ́ kí ẹni tó tú u kọ ọ́ pé bó ṣe wà lòun ṣe tú u, kó kọ déètì, orúkọ ẹ̀ ní kíkún àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i, kó sì buwọ́ lù ú.

Ní ti màmá, wọ́n máa tó bi yín pé ta ni bọ̀bọ́ yẹn. Ìyẹn ò sí nínú skrínṣọ́ọ̀tì, ẹ pe ọmọ yín.