Mo lẹ owó oṣù kẹjọ lé orí ti oṣù keje

Ẹ jọ̀ọ́, orí Google Sheets ni owó àjọ ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀ffà wà. Mo lẹ ti oṣù kẹjọ lé orí ti oṣù keje láàárọ̀ yìí. Báwo ni mo ṣe máa rí ti tẹ́lẹ̀?

Kò sọnù. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ File, Version history, See version history. Àkókò ìyípadà á tò sọ́wọ́ ọ̀tún, tòun torúkọ ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ aago 9:40 lẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ mú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ìyípadà púpọ̀ bá wà lábẹ́ àkókò kan, ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tú wọn síta.

Ẹ má tíì tẹ Restore this version o! Gbogbo fáìlì ló ń dá padà, kì í ṣe òpó kan. Ohun tí akápò kọ sójú ewé míì lẹ́yìn ìgbà yẹn á kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmì tótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò náà ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ mú Make a copy, kí ẹ wá da òpó oṣù keje kọ láti inú ẹ̀dà yẹn.

Bí Version history ò bá ṣeé tẹ̀, àṣẹ wíwò nìkan lẹ ní. Ẹni tó ni fáìlì lè fún yín ní ti àtúnṣe.