Ọjọ́ tó fara pamọ́ sínú fọ́tò ìwé àdéhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Aládìrẹ ni mí ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo níbí. Òtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ kí n ṣe àdìrẹ yáàdì 200 fún wọn, wọ́n sì fi fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ti le jù. Báwo ni mo ṣe lè fa ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe yọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Mo ti wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ojú ewé 3 nínú 6 ni. Abala 4.2 sì sọ pé kí àwọ̀ àti bátànì aṣọ rí bí wọ́n ṣe wà nínú àfikún B, àfikún B ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kafíńtà kan tó jẹ́ oníbàárà mi rí "láàárín ọjọ́ 21" ní ìsàlẹ̀ fọ́tò tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà tó fọwọ́ sí ìwé. Orí ojú ewé kejì ni gbólóhùn náà parí sí: lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti gba àwòrán àga. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì sáré níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lé e.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tó ń yọ ọ̀rọ̀ jáde láti inú fọ́tò láìfi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú abala 4.2 yín, ọjọ́ 45 ni wọ́n tẹ̀ sí ìwé. Ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà la 45 kọjá, ó kọ 30 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i ní kékeré. Bí fóònù bá ka irú èyí, ó lè kó 45 jáde bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fagi lé e, kó sì fo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ọjọ́ 15 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbà pé 30 ni, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára ìwé gidi, bí ẹ kò bá gbà, àsìkò tí ẹ ó sọ ọ́ nìyí. Ibi kejì ni abala 4.4, níbi tí òjìji ọwọ́ ẹni tó ya fọ́tò bo owó ìtanràn mọ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú, mo rí àmì kékeré láàárín 2 àti 5: ìdá 2.5 fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí aṣọ bá fi pẹ́ ni. Nọ́ńbà tí òjìji bá bò, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Ẹ má ṣe méfò.

Nígbà tí ojú ewé bá ti mọ́ kedere, ẹ mú bírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ fi ọ̀kan fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí "shall". Dandan ni ìyẹn, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó di dandan fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹ̀yin tàbí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ìkejì fa ìlà sábẹ́ "may". Ìyẹn kì í ṣe dandan, àǹfààní ẹni tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ ni. Ẹ wò ó bóyá "not" tẹ̀ lé e, nítorí ó lè bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn kí ojú sì fò ó.

Ibi tó ṣòro jù ni ọjọ́. Nínú gbogbo ojú ewé yìí, kò sí ọjọ́ kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iye ọjọ́ tí a ó kà lẹ́yìn tí nǹkan kan bá ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yín pẹ̀lú ọjọ́. Ohun tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún ọjọ́, kí ẹ sì kún un nígbà tí nǹkan náà bá ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta 2026, ni ẹ fọwọ́ sí i. Òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti san ìdá 40 nínú owó. A kì í ka ọjọ́ ìfọwọ́sí mọ́ ọn, a kì í sì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè, ó wá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 30 tiyín kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí owó yóò fi wọlé. Bí ó bá wọlé ní ọjọ́ Ẹtì 6, ọgbọ̀n ọjọ́ náà parí ní 5 oṣù Kẹrin. Bí ó bá wọlé ní 9, ó di 8 oṣù Kẹrin. "Ọjọ́" lásán ni abala yìí kọ, kò kọ "ọjọ́ iṣẹ́", nítorí náà ẹ ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn.

Ẹ wo 5 oṣù Kẹrin 2026 lórí kàlẹ́ńdà: Sọ́ńdè Àjíǹde ni. Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìsinmi ìjọba. Ta ni yóò gba ẹrù lọ́wọ́ yín? Ojú ewé yìí kò sọ pé ọjọ́ tó bọ́ sí ìsinmi yóò sún síwájú. Bí owó bá wọlé ní 6, Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹrin, ni kí ẹ kọ sínú àkọsílẹ̀ yín pé ẹ ó gbé e lọ. Òjò sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin lẹ mọ bí aṣọ ṣe ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Bí mo ṣe kọ ọ́ fún ògiri nìyí, pẹ̀lú nọ́ńbà abala, kí ẹni tó bá ń jiyàn lè ṣí ìwé wò:

☐ 4.1: Òtẹ́ẹ̀lì yóò san ìdá 40, ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn ìfọwọ́sí. Owó wọlé ní: ____
☐ 4.2: Àwa yóò kó yáàdì 200 dé, ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí owó bá wọlé. Ó parí ní: ____ A ó gbé e lọ ní: ____
☐ 4.2: Kí a fi àwọ̀ àti bátànì wé àfikún B kí a tó dì í.
☐ 4.3: Òtẹ́ẹ̀lì lè kọ aṣọ, lórí ìwé, láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá dé. Ó parí ní: ____
☐ 4.5: Àwa yóò fún wọn ní ínfọ́ìsì àti ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pé ẹrù dé. Wọ́n gbà á ní: ____
☐ 4.5: Òtẹ́ẹ̀lì yóò san ìyókù, ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ínfọ́ìsì. Ó parí ní: ____

Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tiyín, nítorí tiwọn ni tiyín so mọ́. Abala 4.4 kò sí nínú rẹ̀, torí ìtanràn kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan yóò ṣe. Ẹ kọ ìdá 2.5 sí ẹ̀gbẹ́ 4.2 ní bírò pupa.

Ẹ fojú sí ìlà ínfọ́ìsì gidigidi. Ọjọ́ 14 kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí aṣọ dé. Ọjọ́ tí wọ́n gba ínfọ́ìsì ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù ní 2 oṣù Kẹrin, 16 oṣù Kẹrin ni owó gbọ́dọ̀ dé. Bí ẹ bá dúró di 20, ó di 4 oṣù Karùn-ún, kò sì sẹ́ni tó rú òfin. Ẹ kọ ínfọ́ìsì ọ̀hún sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á, pẹ̀lú ọjọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún 4.2: bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí Sọ́ńdè tàbí ìsinmi ìjọba, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni a ó kà. Bí wọ́n bá ti fi gbogbo ojú ewé ránṣẹ́, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe, ká jọ fi wé ara wọn ní ìlà-ìlà.